Bí Mo Ṣe Fi Bàbá Ẹlẹ́rọ Jẹ Máníjà

Igba náírà ni ẹyin kan ní Mushin lọ́dún tí mo ra ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá. Àlòkù ni, láti India, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà: gbogbo ohun tí mo fi ogún ọdún ta ọ̀rá kó jọ. Ẹ̀rọ dé, kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta tú u, wọ́n tò ó padà, wọ́n gbowó, ó ṣì dákẹ́.

Bàbá kan wà ní India tó fi ọdún mọ́kànlá lo ẹ̀rọ yẹn gan-an. Mo rí i lórí fóònù, irùngbọ̀n funfun báláú. Òyìnbó tèmi àti tiẹ̀ ń kọlu ara wọn, ṣùgbọ́n ó ní òun á wá.

Lọ́yà mi, ọmọbìnrin kan ní Yábà tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́, bá mi gba kóòtà l'Ábújá, ìyẹn àṣẹ tí iléeṣẹ́ fi ń gba àjèjì sí iṣẹ́ kan pàtó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni onímọ̀ ẹ̀rọ, dípúlómà, ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún fi orúkọ méjì lára àwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ránṣẹ́ sí Ábújá. Ó wá ku lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí bàbá máa fi gba físà. Lọ́yà ní òun máa kọ ọ́. Mo ní kí n tún sanwó nítorí ojú ìwé kan?

Mo lọ bá atẹ̀wé kan ní Òjúẹlẹ́gba.

"Mọ́mì, ipò wo ni ká kọ?"

Ẹni tó ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ, kí n pè é ní ẹlẹ́rọ? "Kọ máníjà."

Ó ti ní lẹ́tà máníjà kan nínú kọ̀ǹpútà, ó kàn pààrọ̀ orúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni náà ti gboyè yunifásítì. N ò kà á débẹ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Nígbà tí bàbá kó ìwé lọ gba físà, àwọn tó ń fúnni ní físà tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kóòtà ní onímọ̀ ẹ̀rọ, lẹ́tà ní máníjà tó gboyè, ìwé ẹ̀rí bàbá ní dípúlómà. Wọn ò fún un.

"Mọ́mì, ta ló ní kí ẹ gbé bàbá yìí ga kó tó wọ bàálù?" Lọ́yà ló ń bi mí.

"Mo bọ̀wọ̀ fún un ni."

"Ọ̀wọ̀ yẹn ló tì í síta. A ò ní kóòtà máníjà."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Ó kọ lẹ́tà mìíràn, ó fi àlàyé tì í, bàbá tún san owó físà lákọ̀tun. Wọ́n ní ká dúró, nítorí ìwé tó ti tako ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àyẹ̀wò rẹ̀ kì í yá. Nígbà tó di oṣù kẹta, bàbá pè mí. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù, òun ò sì lè jókòó láìníṣẹ́ mọ́. Ó ti gba iṣẹ́ ní Dubai. Ó ní kí n máà bínú. Èmi tí mo jẹ̀bi.

Kò sówó tí mo máa fi san àwọn ọmọbìnrin méjèèjì mọ́, mo ní kí wọ́n wáṣẹ́ lọ síbòmíràn.

"Mà, ṣé orúkọ wa ṣì wà l'Ábújá?" Ọ̀kan nínú wọn ló bi mí.

"Ó wà."

"Ó dáa. Ó kúkú débì kan."

Àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé ẹ̀rọ náà ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ohun tí mo pàdánù lórí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méje àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà.