Ewúrẹ́ Tó Jẹ Fìlà Ọkọ Ìyàwó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí n lè pín àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sí ẹgbẹ́ ìkàwé, mo ní kí wọ́n ka ìtàn tuntun kan: ewúrẹ́ jẹ fìlà ọkọ ìyàwó, ọkọ ìyàwó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi gba ibẹ̀. Ìtàn náà kò sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó fi Hausa dáhùn: "Kunya ta kama shi." Ìyẹn ni pé ojú ń ti ọkọ ìyàwó.

Nítorí pé kò fi Yorùbá dáhùn, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀.

Ó ké: "Háà, Àǹtí! Ẹgbẹ́ àbúrò mi kẹ̀?"

Mo ronú díẹ̀. Ṣebí òye ohun tí wọ́n kà ni mò ń wá. Mo gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ òkè pátápátá. Ó gbé àga lérí, ó ń jó lọ síbẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wa.