Ìyá Ọgbọọgba àti Àga Ilé Ìkàwé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ìyàwó mi jẹ́, ẹ wò ó níbi tó bá ti ń pín ẹran. Á gé e, á wò ó, á tún gé e, títí ẹran á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí pátákó. Àwọn ọmọ wa ló sọ ọ́ ní Ìyá Ọgbọọgba. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, iléeṣẹ́ tó ń parí ìjà gbà á síṣẹ́ alárinà, kó máa bá àwọn tó ń bínú síra wọn sọ̀rọ̀ kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́. Èmi tí mo ti wa bọ́ọ̀sì títí irun fi funfun lórí mi, èmi náà ni mo tún ń gbé e kiri. Ọpẹ́ tí mo ń gbà kò ju "ẹ rọra wakọ̀" lọ.

Ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, káfíńtà méjì ló ń jà á. Ọ̀gá Káfíńtà fẹ́ obìnrin kan, àbúrò ìyàwó náà tó jẹ́ ọkùnrin wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà láti ìgbà náà wá. Nígbà tó yá, Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lórúkọ ara rẹ̀. Inú bí Ọ̀gá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àbúrò dé ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ṣí ilẹ̀kùn mọ́; Ọ̀gá ti pààrọ̀ àgádágodo. Àfi lọ́yà, àfi ìwé ìpẹ̀jọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kóòtù.

Ìyàwó Ọ̀gá wá sí ọ́fíìsì ìyàwó mi, ó ń sunkún. "Mà, ọkọ mi nìyẹn, àbúrò mi nìyí. Bí wọ́n bá dé kóòtù, ẹ̀gbẹ́ ta ni kí n jókòó sí? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́." Mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú èmi náà. Ká má parọ́, àánú obìnrin náà ṣe mí gan-an.

Ìyàwó mi bá àwọn ọkùnrin méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tó délé ni wàhálà wá bẹ̀rẹ̀: níbo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé, àti nígbà wo? Ilé Ọ̀gá ò ṣeé lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí Ọ̀gá tì mọ́ Àbúrò, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà kankan ò gbọdọ̀ jẹ́. Ọ́fíìsì tirẹ̀ náà ò ṣeé lò, ìyàwó Ọ̀gá ti lọ sunkún níbẹ̀.

Mo ní, "Kí wọ́n kúkú wá sí pálọ̀ wa níbí."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Bàbá wa, ṣé ẹ ti gbàgbé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń hanrun lé lórí ni? Ọ̀gá Káfíńtà mà ni."



Ó wá mú ilé ìkàwé tó wà láàárín àdúgbò àwọn méjèèjì. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló mú, torí Ọ̀gá máa ń lọ tọ́jú orúnkún rẹ̀ láàárọ̀, Àbúrò sì máa ń gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà lọ́sàn-án. Kò sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì o. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló kọ, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ta ni kó ṣáájú gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó jẹun. Nígbà tó sú u, kò kọ orúkọ kankan:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin méjèèjì. Mo dábàá pé ká pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ibẹ̀ tàbí àkókò yẹn kò bá rọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kó sọ fún èmi nìkan, màá wá òmíràn. Kò pọn dandan kó sọ ìdí."

Àbúrò pè é lójú ẹsẹ̀. "Mà, ṣé ọkùnrin yẹn ló ní ká wá síbẹ̀?"

"Èmi ni mo dábàá ẹ̀, ọmọ mi. Ó wù yín àbí kò wù yín?"

Ó ní ó wu òun. Ọ̀gá náà gbà. Ìyàwó mi sùn lóru yẹn bí ọmọ tuntun.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a tètè débẹ̀. Tábìlì róbótó wà nílẹ̀, àga dúró yí i ká, gbogbo ẹ̀ gún régé. Ọ̀gá wọlé, Àbúrò tẹ̀ lé e. Àbúrò ò kí ẹnikẹ́ni. Ó di àga kan mú, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Háà! Àmì iṣẹ́ ọkùnrin yìí rèé! Òun ló ṣe gbogbo àga tó wà níbí! Ṣé orí àga ẹ̀ ni kí n ti bá a ro ẹjọ́? Mà, wọ́n ti rà yín nìyẹn."

Yéè! Obìnrin tí kì í mu omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń bá parí ìjà! Mo fẹ́ bú ọmọkùnrin náà, ìyàwó mi sì ṣẹ́jú sí mi. Ó kọjú sí àwọn méjèèjì.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó yẹ kí n ti wò ó. Ẹ̀bi mi ni. A lè mú ọjọ́ mìíràn, kí n wá ibòmíràn. A sì lè dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta báyìí, kí ẹnikẹ́ni má jókòó, títí kan èmi náà. Àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà."

Ọ̀gá ní òun gbà. Àbúrò gbé àga náà nàró, ó ní, "Ó dáa, ká dúró."

Bí ìpàdé ṣe di ìdúró nìyẹn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń le sí i. Ìyàwó mi ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi èkejì. Nígbà tó yá, mo rí i pé orúnkún Ọ̀gá ti ń gbọ̀n. Ìyàwó mi náà rí i. Bó bá fún un ní àga, ó ti gbè é nìyẹn.

"Ṣé ká sinmi díẹ̀?"

"Rárá, mà," ni Ọ̀gá wí, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àbúrò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nípa ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wo orúnkún náà. Ó wọlé lọ, ó gbé àga jáde.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá."

Láti ọjọ́ tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, "ọkùnrin yẹn" ló ń pè é. Ọ̀gá ní òun ò ní í dá jókòó. Àbúrò gbé òmíràn wá, ó jókòó, àga náà sì mì jìgìjìgì. Ó dìde, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹsẹ̀ kan kúrú. Ta ló gé e?"

"Èmi ni," ni Ọ̀gá dáhùn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìwọ lo máa ń wò wọ́n kí wọ́n tó jáde. Kò sẹ́ni tó bá mi wò wọ́n mọ́."

Àbúrò fi ọwọ́ bo ojú. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó yọwọ́ tí mo rí i pé ẹ̀rín àti omijé ló jọ wà lójú rẹ̀. Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá rántí pé alárinà ṣì wà lóòró, ni àwọn méjèèjì bá sáré wọlé, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbé àga kan jáde fún un. Ẹ ò rí ìyàwó mi! Ó wo tọ̀tún, ó wo tòsì, ó ní ẹ ṣeun, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Ibẹ̀ ló ti kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí: Àbúrò á gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, ẹni tó bá gba iṣẹ́ á fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó ń lọ sí kóòtù mọ́. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó Ọ̀gá ló dúró lẹ́nu géètì, ó di irin mú. Kò sẹ́ni tó pè é, ara rẹ̀ ni kò gbà á nílé. Ó rìn wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú ọkọ, ó ń wo ojú àbúrò. Àbúrò gbé ọ̀kan nínú àga méjì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé, ó tì í sí àárín òun àti Ọ̀gá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jókòó. Mo ti wo ẹsẹ̀ àga tiyín, kò mì."