Ojú Tó Rí Ihò Abẹ́rẹ́

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, àwọn tó ń wá kí mi ń sọ pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ni mo ń bínú sí. Àwọn àgbà tó fi ojú rẹ̀ ṣẹ̀sín ni.

Ó kù bí ọdún mélòó kan kí a gba òmìnira. Ṣómólú là ń gbé, aṣọ ni ìyàwó mi sì ń rán ní yàrá iwájú. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni àwọn ẹbí rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹja tí wọ́n sì ń yan án. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti ń gbéraga. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ gan-an, á kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára ògiri.

Ìyá onílé wa fẹjọ́ rẹ̀ sun àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí wọn. Bàbá yìí wá láti Bàrígà, wọ́n sì pe ìyàwó mi síwájú gbogbo ilé. Ó ní òun kò rí wọn ni. Ìyá onílé dìde, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú wá, ó ní kó ki òwú bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kì í, ó wọlé.

“Ẹ wò ó,” ni ìyá onílé wí. “Ojú tó rí ihò abẹ́rẹ́ ni kò rí èmi tí mo tóbi tó báyìí?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá pàṣẹ kó kúnlẹ̀, kó tọrọ gáfárà. Ó kúnlẹ̀. Bí a ṣe ń dán ojú wò láàárín wa nìyẹn: bó bá ti rí abẹ́rẹ́, tí kò sì dunni, ó dá ṣáká.

Kẹ̀kẹ́ ló wá já irọ́ náà. Ó gbọ́ aago rẹ̀ dáadáa ní Ìkòròdú Róòdù, kò kàn rí i títí ó fi gbá a láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo mú un lọ sí ọsibítù ojú ní Èkó. Dókítà bo ojú rẹ̀ kan, ó ń mú ìka bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ìka náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú kí ó tó sọ pé òun rí i. Dókítà dá a dùbúlẹ̀, ó kán omi tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora sí i, ó sì gbé irin kékeré kan tó ní ọwọ́ bíi ti aago lé ẹyinjú rẹ̀, láti fi mọ bí ó ṣe le tó.

Ó ṣàlàyé fún wa pé omi kan máa ń sun nínú ojú, ó sì máa ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà rẹ̀ kò bá já geere, omi náà á máa ti ojú láti inú, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀.

“Kì í dunni,” ni dókítà wí. “Ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń jẹ bọ̀, á fi àárín sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Èyí tó kù la ó máa tọ́jú.”

Ó ní àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí, kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, bí ojú kò tilẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló gbà láti wá. Ìríran rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti le ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fún un ní oògùn kíkán. Oògùn náà ń mú orí fọ́ ọ, ó sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti ṣú lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé Bàbá ti ní kó jáwọ́ níbẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi lọ bá Bàbá àti àbúrò rẹ̀ ní Bàrígà. Ìgbà náà, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ọwọ́ mi ló ń dì mú rìn. Bàbá ní ẹni tí ara rẹ̀ le kì í lo oògùn.

“Bàbá,” ni mo wí, “ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tí kò ríran kúnlẹ̀. Ẹ kò sì tíì bẹ̀ ẹ́ títí di òní.”

“Èmi lò ń bá wí?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Ìyàwó mi kò dá sí wa. Ó na ọwọ́ títí ó fi kan ìgò oògùn náà, ó ní kí àbúrò òun gbé orí sókè.

“Kò dun èmi náà,” ló wí fún un.

Ó kán an. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló bọ́ sí. Ó tún kán an, ó bọ́ sí etí. Àbúrò rẹ̀ wo ojú rẹ̀ títí, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kán an fún ara rẹ̀.

Kò dáwọ́ dúró mọ́. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ojú títí dòní, ó sì ń ríran. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá rí i tó ń dá rìn láàárín ọjà, inú á tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí mo ń rí ohun tí ìyàwó mi ìbá ní.