Ìmeèlì Ọmọ Mi sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nígbà Tí Ilé Ìwòsàn Tì

Nígbà tí àwọn dókítà yanṣẹ́ lódì, tí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà tì pa, èmi ni mi ò lè jókòó. Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń kàwé fún oyè kejì, ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́nu wò ní kíliníìkì ibẹ̀. Ìdajì wọn ló rí kí géètì tó tì. Ló bá kẹ́rù wá sílé n'Ìwó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé bí iṣẹ́ náà ò bá tẹ òun lọ́wọ́ kí sáà tó parí, kò ní gboyè lọ́dún yẹn.

Ó jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń kọ ìmeèlì sórí fóònù, ó ń pa á rẹ́. Èmi ń lọ, mò ń bọ̀.

"Kọ ọ́ pé bàbá rẹ ń kú lọ."

"Bàbá mi, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o."

"Kọ ọ́ pé mo kú, mo tún jí. Ó ti ṣe mí rí ní Kuta, wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ tán kí n tó béèrè omi."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo bá jáde lọ kó ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta wá. Kíliníìkì yẹn gan-an ni gbogbo wa ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tèmi le débi pé ọjọ́ tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá, ńṣe ló fò kúrò lórí tábìlì, nọ́ọ̀sì méjì ló lé e mú.

"Díẹ̀ lára àwọn tó kù rèé," mo ní. "Ìyókù ń bọ̀ láti Olúpọ̀nnà."

Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní òun ò lè ṣe é. "Inú kíliníìkì nìkan ni ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí nílé ìwòsàn fún mi láyè láti ṣe é. Nínú ẹni mẹ́ta-mẹ́ta tó bá wọlé síbẹ̀, ẹnì kan ni mò ń mú. Èyí tí bàbá mi bá ṣà wá, ìwádìí kọ́ nìyẹn."

Inú bí Àlàájì, àgbà wọn. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ tiwa ò ru tó ni?"

"Ó ru, bàbá. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí ni ò bófin mu."

Ó wá kọ ọ́ tán, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ìkíni kò ju ìlà kan lọ. Lẹ́yìn náà: ìyanṣẹ́lódì ti ti kíliníìkì, ìdajì ìdáhùn ni òun rí gbà, òun ò gba ti ẹnikẹ́ni níta, kí ọ̀jọ̀gbọ́n jọ̀wọ́ fún òun láyè títí wọn yóò fi ṣí, òun á fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìwé ìwádìí náà ránṣẹ́ ní báyìí.

"O ò kí ìyàwó rẹ̀!" Àlàájì pariwo. "O ò kí àwọn ọmọ! Ta ló ń tọrọ nǹkan báyìí?"

Ó tẹ fóònù, ìmeèlì náà lọ. Títí èsì fi dé, mi ò rójú sùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ òun mìíràn ti kó àwọn ará ilé rẹ̀ sínú iṣẹ́, òun sì ti da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní kí ọmọ mi tètè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kí ìyọ̀ǹda rẹ̀ má baà parí, òun á bá a bẹ ilé ẹ̀kọ́ fún àfikún àsìkò.

Mo sáré lọ sọ fún Àlàájì. Nígbà tí mo padà, ọmọ mi ti ń kọ lẹ́tà ìgbìmọ̀. Géètì ilé ìwòsàn ṣì wà ní títì.