Àbẹ́là Tí Mo Fi Ẹnu Pa

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má retí ọ̀rọ̀ tútù.

Ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kan ní Moabit, ní Berlin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í yàwòrán, ìwé tí mo kà náà ò pọ̀. Èmi ni mo ń to nǹkan sórí tábìlì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò yàwòrán. Lọ́sẹ̀ kan, olùkọ́ wa, obìnrin ará Jámánì kan, ní kí n to Vanitas. Asán ni ìtumọ̀ orúkọ àwòrán yẹn. Ìwàásù ni, ọ̀dà ni wọ́n kàn fi ń ṣe é. Láyé àtijọ́, nílẹ̀ Holland, àwọn oníṣòwò tówó kún ọwọ́ wọn ń gbé irú ẹ̀ kọ́ ògiri, kí wọ́n má baà gbàgbé pé àwọn náà máa kú.

Mo tẹ́ aṣọ dúdú, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba apá òsì wọlé. Mo gbé agbárí ka orí ìwé àtijọ́ kan, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Gípsì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán. Agbárí ni ikú. Ìwé ni ọgbọ́n tí ikú ò kà sí. Mo bó lẹ́mọ́ọ̀nù dé ìdajì, èèpo rẹ̀ lọ́ wálẹ̀ létí tábìlì: ó wu ojú, ó kan lẹ́nu. Mo fẹ́ yọ ápù kan tó ti ń rà kúrò, olùkọ́ wa pariwo pé, “Fi sílẹ̀! Ibi tó ti ń rà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.” Ó wá ku àbẹ́là. Màá tàn án, màá pa á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sáré ya èéfín àti iná pupa bíńtín tó kù lórí òwú. Èéfín yẹn ni ẹ̀mí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àbẹ́là tuntun ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí ò tíì jó, kò tíì gbé ayé.

Ó wù mí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì mi.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Hamburg. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, mo fẹ́ lọ gbé ọmọ náà. Ìyá wa, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà paraku, ló ń bá a gbé ní àdúgbò Wilhelmsburg. Òun ló ṣílẹ̀kùn.

“Ẹ káàsán, Mà.”

“Dúró síbẹ̀. Kí lò ń fi agbárí ṣe?”

“Mọ́mì, iṣẹ́ mi ni.”

“Iṣẹ́! Agbárí, èso, àbẹ́là. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kù. Ọwọ́ yẹn ò ní gbé ọmọ tuntun nílé yìí.”

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín lórí àga, ọmọ láyà rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó gbé e jàre. Tó bá jẹ́ oògùn owó ni, ṣé bàtà tó máa wọ̀ nìyẹn?”

Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Mo sọ ti lẹ́mọ́ọ̀nù, mo sọ ti ápù. Mo ní ìwàásù ni.

“Tí wọ́n bá fẹ́ wàásù, kí ni ẹnu ń ṣe?” ni ìyá mi wí. “Wọ́n ń jẹ́ kí oúnjẹ rà kí wọ́n lè rántí ikú. Nígbà tí bàbá ẹ kú, ta ló ní kí n wo ápù kí n tó mọ̀?”

Ìyẹn ló gún mi lọ́kàn. Mo wo tábìlì tòun náà: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ápù, àbẹ́là funfun tó ń jó nítorí ọmọ náà. Ìbínú gùn mí lórí.

“Ẹ̀yin náà, kí lẹ tò síbí? Agbárí ló kù!” Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹnu fẹ́ àbẹ́là náà, ó kú. “Ẹ rí èéfín yẹn? Ẹ̀mí nìyẹn. Bó ṣe ń lọ nìyẹn!”

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í fi ẹnu pa àbẹ́là àdúrà. Ìyá mi ò pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ló dìde. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

“Ẹ̀mí ta ni?” ló bi mí.

Ó gbé ọmọ wọ yàrá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn.

“Máa lọ sí Berlin ẹ,” ni ìyá mi wí.

Mo lọ. Ìyá tó bí mi wo gípsì, ó pè mí ní apànìyàn. Ìyẹn ṣì ń ta mí bí ata. Àmọ́ tí mo bá ti bínú débì kan, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi á dá mi dúró. Òun ló gbèjà mi, ọmọ tirẹ̀ ni mo wá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lé lórí.

Ọmọ náà ti ń jókòó báyìí. Orí fóònù ni mo ti ń rí i. Kì í pẹ́ tí ìyá rẹ̀ á fi ní ọmọ fẹ́ sùn, bẹ́ẹ̀ ojú ọmọ náà là kedere, ó ń nawọ́ sí mi.