Èwo Ni Kí N Pa, Tẹlifíṣọ̀n Tàbí Dẹkódà?

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni bàbá yìí fi wá àṣìṣe nínú ìwé nílé ìtẹ̀wé kí ìwé náà tó jáde. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, tẹlifíṣọ̀n di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dẹkódà rẹ̀ a máa gan: àwòrán á dúró gbagidi, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ iléèwé tí ìyàwó rẹ̀ olóògbé ti ṣe olùkọ́ máa kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n. Orin tí obìnrin náà ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì lè gbé fóònù ní wọ́ọ̀dù. Ó wá kọ ìtọ́ni sílẹ̀: "Tó bá gan, ẹ pa á, ẹ tún un tàn."

Ọjọ́rú ló gan. Bàbá fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, ó tún un tàn. Àwòrán gígan náà ló tún bá. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, títí gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n fi di búlúù.

Nígbà tí ọmọ dé, bàbá ti fi gègé pupa yí "á" inú "pa á" po.

"Ta ni 'á' yìí?"

"Dẹkódà ni, Bàbá."

"Ṣé inú ikùn rẹ ni mò ń gbé ni? Tẹlifíṣọ̀n lèmi pa o!"

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ."

Bàbá ń béèrè, ọmọ ń kọ:

"Ẹ yọ wáyà iná dẹkódà, àpótí dúdú kékeré, kúrò lára ògiri. Ẹ ka oókan dé ọgọ́ta. Ẹ dá wáyà náà padà sára ògiri. Ẹ má tẹ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí tẹlifíṣọ̀n bá kọ NO SIGNAL, ẹ mú rìmóòtù TẸLIFÍṢỌ̀N, tí mo so òwú pupa mọ́. Ẹ tẹ SOURCE. Ẹ fi ọfà lọ sórí HDMI 1, ojú ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tí wáyà kejì dẹkódà wọ̀. Ẹ tẹ OK."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ̀? Omi á ti hó!"

"Ẹ jẹ́ kó hó, sà."

Ní Sátidé, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo mẹ́rin lù, ó tún gan. Bàbá ń fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó yọ wáyà, ó kà, ó dá a padà. Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà tẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló rí NO SIGNAL: tẹlifíṣọ̀n ti sá lọ sójú ihò mìíràn nígbà tí dẹkódà kú. Òwú pupa. SOURCE. HDMI 1. OK. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò jáde ni.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí àyè pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, bàbá kò kí i.

"Ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun gan-an. Má sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ni wọ́n ń kọ."

Ó gbé fóònù ti tẹlifíṣọ̀n, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ọ.