Ọkọ̀ Tí Mo Tà Tí Kò Kúrò Nínú Fóònù Mi

Nígbà tí mo kọ́ ọkọ̀ wíwà, ohun méjì péré ni ẹni tó ta ọkọ̀ máa ń fi lé ẹni tó rà á lọ́wọ́: kọ́kọ́rọ́ àti ìwé. Tó bá ti fi wọ́n lé e lọ́wọ́, ó parí. Èrò yìí ni mo gbé dé Atlanta, òun náà ni mo sì fi ta ọkọ̀ aláwọ̀ eérú mi fún ọ̀rẹ́ mi, ní àsìkò tí eruku òdòdó igi máa ń bo gbogbo ọkọ̀ ní Riverdale bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ àgbàdo sí wọn lórí.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, a jọ máa ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí kan lápá West End ni. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń pè é ní Àlàájì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ amúlétutù ilé ṣe, kó máa gun òrùlé oníkálukú pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa pa yín lẹ́rìn-ín tó bá yá.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Jonesboro, kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà.

"Daddy, ẹ ò kàn lè fún wọn ní key bẹ́ẹ̀. Ẹ ti delete gbogbo nǹkan yín?"

"Nǹkan wo? Mo ti kó bàtà mi kúrò nínú búùtù."

"Kì í ṣe bàtà, Daddy. App ọkọ̀ yẹn tó wà lórí phone yín. Address yín. Phone numbers gbogbo èèyàn."

Mo ní màá ṣe é. N ò ṣe é. Lọ́sẹ̀ kejì ni Àlàájì pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí ọkọ̀ yín mú mi lọ sílé, ó gbé mi wá sí ẹnu géètì yín. Ṣé ẹ ti se oúnjẹ?" Àdírẹ́sì mi ló ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé. A jọ rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé ẹ̀. Òun náà kì í ṣe ẹni tó ń fi áàpù da ara rẹ̀ láàmú. Ó ní kọ́kọ́rọ́, ó tó o.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe ọkọ̀ tuntun tí mo rà, nítorí náà áàpù kan náà ni mo ń lò. Mo lè jókòó sórí àga kí n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo lè tan ẹ́ńjìnì, kí inú rẹ̀ ti tutù kí n tó dé ibẹ̀. Mo sì lè rí ibi tí wọ́n páàkì rẹ̀ sí lórí máàpù. Ọkọ̀ méjì ló wà nínú áàpù yẹn, tuntun wà lókè, ti tẹ́lẹ̀ wà nísàlẹ̀. N kò bìkítà fún ti ìsàlẹ̀.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà. Mo jókòó, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni fóònù bá dún: ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín wà ní ṣíṣí. Mo fi ọwọ́ tí eruku ẹ̀wà wà lára rẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n ti ń tì í. Fóònù ní ó ti tì. Ìgbà tí mo dìde lọ sí gáréèjì ni mo rí i pé ọkọ̀ tèmi ti wà ní títì láti àárọ̀. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo tì.

Mo ní bóyá Àlàájì fi kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀. Mo bá ṣí máàpù wò, kí n lè mọ ibi tí mo há ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Jonesboro ló wà, lẹ́yìn ilé alábíríkì kan tí mo máa ń kọjá tí mo bá ń lọ sí ọ́fíìsì ọmọ mi. Mo mọ ohun tí wọ́n kọ síwájú ilé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo ní ó lọ kí ẹnìkan ni. Lọ́jọ́bọ̀, mo tún wò ó. Ibẹ̀ ló wà. Sátidé, ibẹ̀. Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀, láti aago mẹ́wàá títí di nǹkan bí aago méjì àbọ̀. Kò sí ẹni tó ń kí aláìsàn báyẹn. Ìgbà náà ló wá yé mi ìdí tí kò fi pa Jímọ̀ jẹ rí: ó ti to ọjọ́ rẹ̀ yí i ká.

Mo mọ ìdí tó fi ń fi í pamọ́ pẹ̀lú. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun, wọ́n kéde àìsàn arákùnrin kan tó ń kan òrùlé. Oúnjẹ wọlé bí òjò, oníkálukú gbé egbòogi tirẹ̀ dé, ìròyìn sì dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ọkùnrin náà pé kò lè gòkè mọ́. Wọ́n lọ pe ẹlòmíràn. Àlàájì sọ lójú mi lọ́jọ́ náà pé, "Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Tí wọ́n bá ti ní mi ò lè gun òrùlé mọ́, iṣẹ́ ti tán nìyẹn."

Ohun tó yẹ kí n ṣe hàn kedere. Ìka mi dé orí ibi tí wọ́n ti ń yọ ọkọ̀ kúrò nínú áàpù. Ṣùgbọ́n oṣù keje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, awọ ìjókòó ọkọ̀ sì lè jó ènìyàn nítan. Mo rò ó pé ọkùnrin tí wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kò yẹ kó wọ inú ààrò lọ. Mo bá ń dúró de aago méjì ó lé ogún. Bí ọkọ̀ bá ti wà ní títì, tí jíà rẹ̀ wà ní páàkì, yóò tan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà á pa ara rẹ̀. Mo gbé òtútù rẹ̀ sí ibi tó tutù jù. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Sátidé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ mi. Mo kà á sí sàráà ìkọ̀kọ̀. Kí n má purọ́, inú mi máa ń dùn sí ara mi.

Báyìí la ṣe di oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, Àlàájì bá mi níbi tí mo ti ń wọ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo fẹ́ ta ọkọ̀ yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń dá tan. Tó bá sì ti tan, yìnyín ló ń fẹ́. Èmi tí mò ń tún amúlétutù ṣe láti ọjọ́ yìí, mo tú u wò lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí nǹkan kan. Mẹ́káníìkì náà ò rí nǹkan kan. Oníṣòwò ọkọ̀ kan ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣé ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Rárá. Àwọn ọjọ́ kan ni."

Mo lè dákẹ́. Mo lè dé ilé kí n yọ ọkọ̀ náà nínú áàpù, kó sì dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà á láàmú, ó fẹ́ gbé ọkọ̀ tí kò ní àrùn kankan jù sílẹ̀ nítorí ìwà mi. Mo mú un lọ sí ìdí ọkọ̀ náà, ibi tí etí ẹlòmíì ò dé.

"Àlàájì, kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń tan án. Láti ilé, pẹ̀lú fóònù. N kò pa áàpù mi rẹ́ nígbà tí mo tà á fún ọ."

Ó fi ọwọ́ nu orí ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá eruku.

"Áàpù yẹn, ṣé ó máa ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà?"

"Ó máa ń sọ ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹfà."

"Ta lẹ sọ fún?"

"N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó wò mí lójú gan-an. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé òtútù ló máa ń mú èèyàn níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ á jáde, á yí inú ẹ̀rọ ká, á padà wọlé ní tútù. Mo máa ń jáde tí eyín mi ń gbá ara wọn. Oòrùn inú ọkọ̀ yẹn ni mò ń rò láti wákàtí kẹta. Màá dé ibẹ̀, màá bá yìnyín. Mo ra súwẹ́tà nítorí yín. Lóṣù keje."

"Mo rò pé mò ń ṣe ọ́ lóore ni."

"Orí bẹ́ńṣì ni mo máa ń jókòó sí nínú oòrùn títí tó fi máa pa ara rẹ̀. Mo ní kí ni mo fi ṣe ọkọ̀ yìí?" Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ ó gbé e mì. "Kò dáa bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe òtútù. Wíwò yẹn ni."

"Òótọ́ ni. Mo tọrọ àforíjì."

Ó gbé ọkọ̀ náà wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ mi ló jókòó tì wá tó ń darí wa. Ohun tó mọ̀ ò ju pé bàbá rẹ̀ kò gbọ́ràn lọ. Mo yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú áàpù lójú Àlàájì. Nínú ọkọ̀, a wọ ibi ètò, a sì ní kó padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ṣú, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì tàn, ó ń béèrè èdè tí a ń sọ. Àdírẹ́sì mi, orúkọ àwọn ènìyàn mi, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Bọ́tìnì inú ọkọ̀ tó ń ṣí gáréèjì mi ló kù. A ní láti tẹ méjì tó wà léteetí pa pọ̀ títí iná rẹ̀ fi ń ṣẹ́jú.

"Daddy, ẹ rí i? Mo sọ fún yín since spring."

"O sọ ọ́. Lọ bu omi wá fún Àlàájì."

"Díẹ̀ ni o," Àlàájì sọ fún un, kò sì ṣàlàyé. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé wọ́n ń wọn omi fún un, torí kíndìnrín rẹ̀ kò lè lé omi jáde mọ́. Ó fi áàpù náà sórí fóònù tirẹ̀ kó tó lọ, ó ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ sínú rẹ̀. Kò ta ọkọ̀ náà mọ́. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún Jímọ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, tí òtútù òwúrọ̀ ń mú èèyàn, ìwé ìpè kan wọlé sórí fóònù mi láti inú áàpù náà. Àlàájì fi mí ṣe awakọ̀ kejì. Mo ka ohun tó fún mi láṣẹ sí: mo lè ti ilẹ̀kùn, mo lè tan ẹ́ńjìnì, mo lè yan bí yóò ṣe gbóná tó. Ibi tí wọ́n ti ń wo máàpù, ó pa á.

Nítorí náà n kò mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà mọ́, àyàfi tó bá sọ fún mi. Tó bá di nǹkan bí aago méjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó máa ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń yọ abẹ́rẹ́."

"Ṣé kí n tan án?"

"Ẹ tan án. Gbígbóná o."